Adájọ́ dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu kí n tó sọ gbólóhùn kejì: ẹjọ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta

Àbíkẹ́_Akọkà (Ọjọ́rú, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ọgbọ́n yín kó tó di Sátidé.

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, wọ́n sì mú mi mọ́ àwọn tó máa ṣe mútù, ìyẹn ẹjọ́ ìdánrawò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin. Ẹjọ́ Olóyè Awólọ́wọ̀ àti Alhaji Shehu Ṣàgàrí lórí ìbò ààrẹ ọdún 1979, tí wọ́n kéde pé Ṣàgàrí wọlé, ni wọ́n fún wa. Ìwé tí wọ́n kọ ẹjọ́ náà sí ní ká ṣe bí ẹni pé òpin oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kò tíì pé: tribúnà ti dájọ́ tán ní ọjọ́ 10, kóòtù tó ga jù lọ kò tíì fọhùn. Èmi ni lọ́yà àgbà fún Awólọ́wọ̀, ẹni tó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìṣẹ́jú 12 ni mo ní.

Abala 34A inú Dìkírì ìdìbò la ń jà lé lórí. Ó ní olùdíje gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdámẹ́rin ìbò tí wọ́n dì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà nígbà náà. (Gẹ̀ẹ́sì la ó fi sọ ọ́ níwájú àwọn adájọ́, Yorùbá ni mo fi ń rò ó fún yín.)

Àná la dán an wò níwájú àwọn mẹ́ta kan tó ṣe adájọ́ fún wa. Mo dìde, mo kí wọn, mo ní, "Olúwa mi, ohun tó mú ìjọba ológun ṣe òfin yìí ni pé wọn kò fẹ́ ààrẹ tó máa jẹ́ ti ẹ̀yà kan ṣoṣo." Ẹ gbọ́, n kò tíì mí. Èyí tó jókòó láàárín ní, "Lọ́yà, ṣé ọ̀rọ̀ inú òfin náà ló lòdì sí yín tí ẹ fi sá lọ bá èrò ọkàn àwọn tó kọ ọ́?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni... rárá, Olúwa mi." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ó tún ní, "Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19, èló ni?" Mo ní màá débẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti débẹ̀ báyìí."

Ìdí mẹ́ta ni mo kọ sílẹ̀. Nígbà tí agogo dún, inú ìdí àkọ́kọ́ ni mo ṣì wà. Báwo ni ẹ ṣe ń ṣí àròyé irú èyí? Tí wọ́n bá sì ti já a, báwo lẹ ṣe ń padà sójú ọ̀nà?

---

Ọ̀mọ̀wé_Òṣòdì (9:31 alẹ́)

Èyí ò le. Ọ̀nà mẹ́ta ni a fi ń túmọ̀ òfin: ká mú ọ̀rọ̀ bó ṣe rí, ká yí i díẹ̀ tó bá máa bí ìsọkúsọ, ká wo àìsàn tí òfin fẹ́ wò. Àkọ́kọ́ ló pa Awo. Nítorí náà, sá fún un. Ìkẹta ni kí o gùn lé, ẹjọ́ Heydon ọdún 1584 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ka èrò Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ tó ta ko àwọn tó kù sí wọn létí, tán. Kò sí ohun tí wọ́n lè sọ.

Rántí pẹ̀lú pé kóòtù fúnra wọn ló sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìdájọ́ náà ṣe àpẹẹrẹ mọ́ láé.

---

Bàbá_Onílé_Barígà (9:50 alẹ́)

Ọmọ mi, kóòtù kì í jókòó ní Sátidé o. Tún béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù kí o má lọ jókòó síbẹ̀ fún ọ̀fẹ́.

Èmi náà ní ọ̀rọ̀ ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ́rùn. Ẹgbẹ́ onílé wa, èèyàn 20 ni wá. Ìwé òfin wa ní ká tó yọ alága, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Èèyàn 13 fọwọ́ sí i. Alága ní 13 kò tó, pé 13 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Àwa ní ṣé ká lọ gé orí Bàbá Sùúrù wá ni? A jà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ṣì wà lórí àga.

---

Àbíkẹ́_Akọkà (9:58 alẹ́)

Bàbá, ẹ ṣé o. Eré ìdánrawò ni, kì í ṣe kóòtù gidi. Àmọ́ ẹ dákun, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yín yẹn, màá jí i lò.

---

Lọ́yà_Ìgbóṣẹ́rẹ́ (10:40 alẹ́)

Àbíkẹ́, mo ti jókòó ṣe adájọ́ mútù lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti dúró lábẹ́ àwọn adájọ́ gidi ní Ìgbóṣẹ́rẹ́ kí iná tó jó ilé náà ní 2020. Kí n kọ́kọ́ mú ti Ọ̀mọ̀wé kúrò lọ́nà.

Ẹjọ́ Heydon wà lóòótọ́, ó sì wúlò fún ọ. Àmọ́ o kò lè ka Adájọ́ Ẹ̀ṣọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé ẹjọ́ yín ní ẹ wà ṣáájú ìdájọ́ kóòtù tó ga jù lọ, ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ni ìyẹn sì jáde. Tí o bá dárúkọ rẹ̀, adájọ́ tó gbọ́n á bi ọ́ pé èwo ni ìwé tó o ti rí i. Gba ọgbọ́n inú rẹ̀, jẹ́ kó jáde lẹ́nu rẹ bí ọ̀rọ̀ tìrẹ. Ní ti pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ìdájọ́ náà ṣe àpẹẹrẹ, àwọn kóòtù wa ti fi í ṣe àpẹẹrẹ lórí bí a ṣe ń túmọ̀ òfin, àìmọye ìgbà. Má gbé ìyẹn lọ síwájú bẹ́ǹṣì.

Ó wá di ti àná. Kì í ṣe pé adájọ́ yẹn burú sí ọ. Ìwọ lo ṣí ilẹ̀kùn fún un. Nígbà tó o bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí àwọn tó ṣe òfin ní lọ́kàn, o ti sọ fún un láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ kò ràn ọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá gbè kì í kọ́kọ́ lọ wá èrò ọkàn. Bẹ́ẹ̀, nínú ẹjọ́ yìí, ọ̀rọ̀ òfin gan-an ló gbè ọ́. Ọ̀mọ̀wé ní kí o sá fún un. Mo ní ibẹ̀ ni kí o jókòó sí.

Wo ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàárín: "ní ọ̀kọ̀ọ̀kan". Kí lo lè kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ohun tó bá jẹ́ odindi ni. O lè sọ pé "ọ̀kọ̀ọ̀kan ọmọ ilé yìí ló jẹun", o kò lè sọ pé "ọ̀kọ̀ọ̀kan ọmọ méjìlá àbọ̀". Òfin ní kí a wá ìdámẹ́rin ìbò ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò ní kí a wá a ní ìdá ìpínlẹ̀.

Tí mo bá jẹ́ ìwọ, báyìí ni máa dìde:

"Olúwa mi, ìbéèrè kan ló wà níwájú kóòtù yìí. Ìpínlẹ̀ mélòó ni ẹni tó fẹ́ jẹ ààrẹ gbọ́dọ̀ ti ní ìdámẹ́rin ìbò? Èsì tiwa ni 13. Ó jẹ́ 13 nítorí pé òfin sọ pé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ìpínlẹ̀, ó sì sọ pé ó kéré tán. Ẹni tí wọ́n kéde ní in ní 12. Ní ti ìkẹtàlá, èyí tí í ṣe Kánò, kò ní in."

Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá já a lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ti gbọ́ gbogbo ẹjọ́ rẹ. Ìyẹn ni ìyàtọ̀. Lánàá, nígbà tí ó já a, kò tíì mọ iye tó o ń béèrè.

Ìdí mẹ́ta sì pọ̀ fún ìṣẹ́jú 12. Ro ó pé wọn á jẹ ìdajì àkókò rẹ. Mú méjì dání. Èkejì ni pé kódà tí àròyé rẹ bá wọlé, àwọn alátakò á ní wọ́n ti tẹ̀ lé òfin dé ìwọ̀n tó tó, nítorí náà kí wọ́n má fagi lé ìbò. Adájọ́ Obaseki tilẹ̀ gba ohun tó sún mọ́ tìrẹ lórí ìtumọ̀, síbẹ̀ ó bá àwọn tó kù da ẹjọ́ náà nù lórí kókó yẹn. Má ka orúkọ rẹ̀, àmọ́ mọ̀ pé pákúté náà wà.

---

Ṣadé_VI (11:05 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Èmi wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà ní Victoria Island báyìí, ẹjọ́ yìí kan náà ni mo ṣe lọ́dún tó kọjá, ní apá kejì. Kí n sọ ìbéèrè tó fọ́ àwọn tó wà ní apá tìrẹ.

Adájọ́ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà wọn pé, "Ìgbà wo ni ìpínlẹ̀ di 19?" Ó ní ọdún 1976. "Ìgbà wo ni wọ́n ṣe Dìkírì?" Ó ní 1977. "Ó jẹ́ pé àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé 19 kò ṣeé pín sí mẹ́ta dọ́gba?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Kí ló dé tí wọn kò kọ 13?" Ẹnu ọmọkùnrin náà kú síbẹ̀. Ó mu omi. Omi náà tán, kò tíì dáhùn.

Inú mi dùn nígbà yẹn, n kò lè parọ́. Àmọ́ nígbà tí mo dénú bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo rí i pé ìdáhùn wà. Iye ìpínlẹ̀ kì í dúró. 12 ni ní 1967, ó di 19. Ẹni tó bá kọ "13" sínú òfin ní láti tún un kọ nígbà tí wọ́n bá tún dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Torí ìyẹn ni wọ́n fi kọ ìdá. Pé wọ́n kọ ìdá kò túmọ̀ sí pé wọ́n fẹ́ kí a gé ìpínlẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Wọ́n sì mọ̀ pé kò ní pín dọ́gba, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi "ó kéré tán" síwájú rẹ̀.

---

Tíṣà_Ìṣirò_Yàbá (11:22 alẹ́)

Mo ti dákẹ́ tó. Ẹ̀yin lọ́yà ń bá ọ̀rọ̀ jà, nọ́ńbà sì wà níbẹ̀ tó ń pariwo.

Ìbò tí wọ́n dì ní Kánò jẹ́ 1,220,763. Ti Ṣàgàrí níbẹ̀ jẹ́ 243,423. Ìdámẹ́rin gbogbo rẹ̀ jẹ́ 305,190 àti ìyókù díẹ̀. Kò tó. Ohun tí Olóyè Richard Akínjídé mú wá fún Ṣàgàrí ni pé ìpínlẹ̀ ìkẹtàlá kò pé, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ la nílò. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kánò jẹ́ 813,842. Ìdámẹ́rin ìyẹn jẹ́ 203,460 àti àbọ̀. 243,423 sì jù ú lọ. Ọkùnrin yìí wọlé nìyẹn.

Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Ó gé ìbò tí gbogbo Kánò dì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ṣé ó gé ti Ṣàgàrí? Rárá o. Odindi 243,423 ló gbé lé ìwọ̀n. Tí ẹ bá gé e bákan náà, 162,282 ló kù, ìyẹn kò sì tó 203,460. Ẹ pín in bí ẹ bá ṣe fẹ́, ìdá 19.94 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa jẹ́. Ọmọ kíláàsì kejì girama á rí i pé ẹ kò lè gé ìsàlẹ̀ kí ẹ fi òkè sílẹ̀.

Èyí ni kí Àbíkẹ́ fi ṣí ẹjọ́. Kí ó kọ ọ́ sórí bébà ńlá.

Ẹ tún wo èyí: lẹ́yìn 1979, ìpínlẹ̀ di 21, ó di 30, ó di 36. Gbogbo rẹ̀ ló pín sí mẹ́ta láìṣẹ́kù. Bóyá ẹnì kan fojú sí i, bóyá kò sì rí bẹ́ẹ̀.

---

Lọ́yà_Ìgbóṣẹ́rẹ́ (11:47 alẹ́)

Tíṣà, ìṣirò yẹn dára, àmọ́ mi ò ní fi ṣí ẹjọ́ láé. Nígbà tí Àbíkẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé Kánò, kí ló ti gbà? Ó ti gbà pé Kánò ṣeé gé. Adájọ́ á ní, "Ẹ ṣeun, lọ́yà. Ó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ ṣeé pín, iye rẹ̀ nìkan la ń jà lé." Ìdí àkọ́kọ́ rẹ̀ ti kú ní ọwọ́ ara rẹ̀.

Ìdáhùn ni kó fi ṣe. Kó fi í sápò, kó dúró de ìgbà tí adájọ́ bá sọ pé ìpínlẹ̀ kì í ṣe èèyàn, pé àwọn ìbò inú rẹ̀ ṣeé pín. Ọ̀rọ̀ Bàbá Barígà yóò gbé e débẹ̀. Tí Àbíkẹ́ bá fi àpẹẹrẹ ẹgbẹ́ onílé ṣe àlàyé, ohun tí bẹ́ǹṣì máa kọ́kọ́ sọ ni pé Bàbá Sùúrù kò ṣeé gé, ìbò Kánò ṣeé gé. Ìgbà náà ló máa sọ pé:

"Olúwa mi, a kò gbà pé ó ṣeé pín. Àmọ́ tí kóòtù bá tilẹ̀ ta ko wá lórí ìyẹn, pípín náà gbọ́dọ̀ kan ìbò tí wọ́n dì àti ìbò tí olùdíje gbà. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó ní jẹ́ 162,282, ohun tó nílò jẹ́ 203,460 àti àbọ̀. Ibi méjèèjì ló ti kùnà."

Ṣé o rí ọ̀rọ̀ "tilẹ̀" yẹn? Òun ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Tí o bá gbàgbé rẹ̀, o ti ta ẹjọ́.

---

Tíṣà_Ìṣirò_Yàbá (11:52 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì sọ pé ẹni tó bá rí nọ́ńbà yẹn kò ní gbàgbé rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ di ìdáhùn, agogo á dún kí wọ́n tó béèrè.

Ṣadé_VI (11:55 alẹ́)

Èmi wà láàárín yín. Àwọn adájọ́ tiwa fẹ́ràn nọ́ńbà, òótọ́ ni. Máa fi gbólóhùn kan péré tọ́ka sí i nígbà ìṣíde, pé "kódà nínú ìṣirò tiwọn, wọ́n kùnà", láì ka nọ́ńbà kankan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á béèrè.

---

Ọ̀mọ̀wé_Òṣòdì (Ọjọ́bọ̀, 7:10 àárọ̀)

Mo gba ti pé a kò lè ka Ẹ̀ṣọ́. Àmọ́ ẹ̀yin ń sọ pé ká mú ọ̀rọ̀ òfin bó ṣe rí. Ṣé kì í ṣe ohun tí Adájọ́ Àgbà Fatayi-Williams àti àwọn tó pọ̀ jù ṣe náà nìyẹn? Wọ́n ní ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó parí. Báwo ni ọ̀nà kan náà ṣe gbé àwọn èèyàn méjì lọ sí ibi méjì?

Ẹ má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ Àbújá ti 2023. Ó yẹ kí ó fi í kún un.

---

Lọ́yà_Ìgbóṣẹ́rẹ́ (8:02 àárọ̀)

Ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ ni ìbéèrè tó dára jù lọ nínú gbogbo ohun tí a ti sọ níbí. Àwa àti àwọn adájọ́ yẹn ka ọ̀rọ̀ kan náà bó ṣe rí. Wọ́n gbájú mọ́ "ìdá méjì nínú mẹ́ta", àwa sì gbájú mọ́ "ọ̀kọ̀ọ̀kan". Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Àbíkẹ́ di ọ̀rọ̀ náà mú láti gbólóhùn àkọ́kọ́, kí ó má fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kejì láti dá dúró. Bí ó bá jẹ́ pé "ìdá méjì nínú mẹ́ta" nìkan ni kóòtù ń gbọ́ léraléra, ó ti pàdánù. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò lè bá ọ lérí pé ó dájú. Àwọn tó gbọ́n ju èmi lọ lọ sí apá kejì.

Àbújá, rárá. Ìyẹn jẹ́ ìjà lórí ọ̀rọ̀ "àti" inú abala 134 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa, bóyá olú-ìlú dá dúró tàbí ó wà lára àwọn ìpínlẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 36 jẹ́ 24 géérégé, kò sí ìyókù. Tí o bá gbé e wọlé, o ti kó ẹjọ́ ẹlòmíì sínú tìrẹ, àti pé 1979 ni ẹ wà.

Ó ku ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń padà. Àbíkẹ́, "màá débẹ̀, Olúwa mi" ni gbólóhùn tí mo kórìíra jù nígbà tí mo bá jókòó lókè. Adájọ́ tó béèrè kì í gbọ́ nǹkan mìíràn títí o fi máa dáhùn. Ìbéèrè yẹn ló ń pariwo nínú orí rẹ̀. Dáhùn lójú ẹsẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá tàbí nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ni ìdí. Lẹ́yìn náà, fi ìdáhùn náà ṣe afárá sí ibi tí o ń lọ. Wo ti àná:

Ó ní, "Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19, èló ni?"

"12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni, Olúwa mi. A kò bá ìṣirò jà. Nítorí òfin sọ pé ó kéré tán, ìpínlẹ̀ 12 kò tíì dé ibẹ̀. Iye ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni 13. Ìyẹn sì gbé mi dé ọ̀rọ̀ 'ọ̀kọ̀ọ̀kan'."

O ti padà sójú ọ̀nà, kò sì mọ̀ pé ìwọ lo fà á.

Èyí tó yẹ kí o ṣọ́ra fún ni ìbéèrè tó dùn. Adájọ́ kan máa ní, "Lọ́yà, ṣé ẹ kì í sọ pé èrò òfin yìí ni kí ààrẹ ní àtìlẹ́yìn káàkiri orílẹ̀-èdè?" Ó ń ràn ọ́ lọ́wọ́. Mo ti rí àwọn ọmọ tó bá irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ jà nítorí ìbẹ̀rù. Sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi, ọ̀rọ̀ òfin ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, èrò rẹ̀ sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀", kí o sì máa lọ. Ibẹ̀ ni ohun tó o fi bẹ̀rẹ̀ lánàá ti máa wúlò, lẹ́yìn ọ̀rọ̀, kì í ṣe níwájú rẹ̀.

---

Bàbá_Onílé_Barígà (12:30 ọ̀sán)

Ẹ̀yin lọ́yà, ẹ ṣé. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, nínú ẹgbẹ́ wa, 14 la nílò. Alága ló jàre nìyẹn. Mi ò ní sọ fún un.

---

Àbíkẹ́_Akọkà (Ẹtì, 10:20 alẹ́)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. A tún dán an wò lónìí. Adájọ́ tó wà láàárín kan náà ni. Mo sọ gbogbo ìṣíde náà tán kí ó tó la ẹnu. Ó béèrè 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta, mo fún un ní nọ́ńbà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó wo ojú mi, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹni tó wà lápá òsì ló sọ pé ìbò ṣeé gé, mo ní "bí kóòtù bá tilẹ̀ ta ko wá". Nígbà tí mo dé 162,282, ó gbé bírò sílẹ̀.

Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́rin nílẹ̀ fún ìdí kejì. Inú mi dùn. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú mi. Obìnrin tó wà lápá ọ̀tún, tí kò sọ nǹkan kan láti àárọ̀, ní, "Lọ́yà, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni ológun ń gbé ìjọba sílẹ̀. Tí a bá gbà yín, ta ló máa gba ọ̀pá àṣẹ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní òfin ni òfin, Olúwa mi. Ó ní, "Mo gbọ́. Ta ni?"

Agogo dún.

---

Ṣadé_VI (10:34 alẹ́)

Ìyẹn kò jẹ́ ìtumọ̀ òfin mọ́, àmọ́ wọn á béèrè. Tún ka ohun tó o ní kí kóòtù ṣe ní ìparí ìwé rẹ. Ṣé o ní kí wọ́n kéde ẹnì kan ni, àbí o ní kí wọ́n fagi lé ìkéde nìkan?

Lọ́yà_Ìgbóṣẹ́rẹ́ (10:51 alẹ́)

Máa sọ pé kóòtù ń sọ ohun tí òfin sọ, pé Dìkírì fúnra rẹ̀ ti ṣètò ohun tó kàn tí ẹnikẹ́ni kò bá dé ibẹ̀. Ka apá yẹn nínú ìwé ẹjọ́ yín lálẹ́ yìí, kí o mọ nọ́ńbà abala rẹ̀ lórí. Mi ò rò pé yóò tẹ́ obìnrin yẹn lọ́rùn.

Tíṣà_Ìṣirò_Yàbá (10:53 alẹ́)

Ṣé o mú bébà ńlá lọ́wọ́?

Àbíkẹ́_Akọkà (10:55 alẹ́)

Mo mú u. Ó wà nínú báàgì.